Ife Márùn-ún nínú káàdì táróò méjì

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi ìtumọ̀ tí mo kọ́ lára káàdì alàwòrán ka káàdì Marseille, táróò àtijọ́ ti ilẹ̀ Faransé?"

Rárá o, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Ife Márùn-ún, ọ̀kan lára káàdì táróò tí a fi ń woṣẹ́. Nínú káàdì alàwòrán tí Pamela Colman Smith yà ní 1909, ẹnì kan tó wọ aṣọ dúdú sorí kọ́ níwájú ife mẹ́ta tó ti dànù, méjì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àdánù ti wà nínú àwòrán náà kí ẹ tó la ẹnu.

Ti Marseille kò ní ènìyàn kankan. Ife mẹ́rin wà ní igun, ọ̀kan wà láàárín, ewé àti òdòdó wà láàárín wọn. Ibo ni ẹkún wà níbẹ̀? Èmi a máa ka ife sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọkàn, màá sì ka ìkarùn-ún sí ohun tuntun tó já wọ àárín mẹ́rin tó ti fìdí múlẹ̀. Bóyá ó dára tàbí kò dára, káàdì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa sọ. Bí káàdì Oòrùn bá tẹ̀ lé e, mo lè rí ọ̀rẹ́ tuntun tí gbogbo ilé gbà tọwọ́ tẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ káàdì Ilé Ìṣọ́ ni, ẹni náà ti da ilé rú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹ́ mẹ́ta pọ̀, n kì í ka ẹyọ kan.

Bí ẹ bá ti ń sọ̀rọ̀ ife tó dànù lórí káàdì Marseille, àwòrán ti èkejì lẹ ṣì ń kà.