Owó àsansílẹ̀ kì í ṣe ọjà tí ẹ tà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìlọrin ni ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi wà. Ilé-ìwé kan ní Ọ̀fà ní kí n ṣe dẹ́sìkì 120, ₦45,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti san ìdajì, ₦2,700,000, sí báńkì mi ní oṣù kọkànlá. Oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ la máa kó dẹ́sìkì fún wọn. Ẹni tó ń bá mi kọ ìwé ní ọjà tí mo ti tà ni, kí n kà á mọ́ èrè ọdún yìí, torí a kọ ọ́ sínú àdéhùn pé a kì í dá owó padà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò tíì ta nǹkan kan fún ilé-ìwé yẹn. Gbèsè lẹ jẹ wọ́n, àmọ́ gbèsè dẹ́sìkì ni, kì í ṣe gbèsè owó. Bí àlẹ́ẹ̀tì ṣe dún lórí fóònù yín fi hàn pé owó wọlé, kò fi hàn pé ọjà jáde. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, inú ìwé ìṣirò sì ni ìyàtọ̀ wọn ti gbọ́dọ̀ hàn.

Àdéhùn "a kì í dá owó padà" yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ohun tí gbólóhùn yẹn sọ ni pé bí oníbàárà bá yí ọkàn padà, owó rẹ̀ kò ní padà sí ọwọ́ rẹ̀. Kò sọ pé ẹ ti ṣe iṣẹ́ náà. Níwọ̀n ìgbà tí ilé-ìwé bá ṣì ń retí dẹ́sìkì, tí ẹ̀yin náà sì ṣì ní láti kàn án, iṣẹ́ ń bẹ lọ́rùn yín. Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé kẹẹ̀ẹ́dógún, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, kò fi èyí pamọ́: ìgbà tí ọjà bá bọ́ sí ìkáwọ́ oníbàárà ni owó rẹ̀ tó di owó ọjà títà. Bí wọ́n bá wá fagi lé iṣẹ́ náà ní tòótọ́, tí àdéhùn sì gbà yín láàyè láti mú owó, ọjọ́ náà ni ẹ máa kọ ọ́ sí owó tó wọlé, kì í ṣe ṣáájú.

Ẹ wo ohun tí ìmọ̀ràn akọ̀wé yín máa ṣe sí ìwé yín. Ká sọ pé ₦30,000 ni igi, irin, ọ̀dà àti owó òṣìṣẹ́ ń ná yín lórí dẹ́sìkì kan. Lórí 120, ₦3,600,000 nìyẹn. Ọjà gbogbo jẹ́ ₦5,400,000, èrè sì jẹ́ ₦1,800,000. Bí ẹ bá kọ ₦2,700,000 sí ọjà títà lọ́dún yìí, gbogbo rẹ̀ máa dà bí èrè, torí kò sí dẹ́sìkì kankan tó tíì jáde tí a ó fi ìnáwó rẹ̀ kọjú sí i. Tó bá di oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún tó ń bọ̀, ₦2,700,000 tó kù ló máa dojú kọ gbogbo ìnáwó ₦3,600,000, ìwé á sì ní ẹ pàdánù ₦900,000. Iṣẹ́ kan náà, èrè kan náà, àmọ́ ọdún kan dà bí àsè, èkejì dà bí ìyàn. Ẹ ti lè pín èrè tí kò sí fún alábàáṣe yín, tàbí kí ẹ san owó orí lórí rẹ̀, kí ẹ wá máa wá owó igi kiri.

Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ nìyí. Ẹ ṣí àpò ìṣirò kan tí ẹ pè ní "Owó àsansílẹ̀ oníbàárà", kí ẹ fi í sí abẹ́ gbèsè. Lọ́jọ́ tí owó wọlé, ẹ dẹ́bíìtì báńkì, kí ẹ sì kírẹ́díìtì àpò yìí, ₦2,700,000. Igi tí ẹ bá fi owó náà rà lóṣù kejìlá, ọjà tó wà nílẹ̀ ni, kì í ṣe ìnáwó. Ibẹ̀ ló máa wà títí dẹ́sìkì á fi jáde.

Ká ní ẹ kó 70 lọ ní oṣù kìn-ín-ní, tí ọ̀gá ilé-ìwé sì fọwọ́ sí ìwé ìgbàwọlé ọjà. Ọjà títà ti di ₦3,150,000. Owó àsansílẹ̀ tó wà lórí dẹ́sìkì kan jẹ́ ₦22,500, nítorí náà ₦1,575,000 máa jáde nínú àpò gbèsè, ₦1,575,000 tó kù á sì di owó tí ilé-ìwé jẹ yín. Ìnáwó ₦2,100,000 á kúrò nínú ọjà tó wà nílẹ̀, á di iye owó ọjà tí a tà, èrè yín lórí 70 yìí sì jẹ́ ₦1,050,000. Tí 50 tó kù bá lọ ní oṣù kejì, ọjà títà jẹ́ ₦2,250,000, ₦1,125,000 tó kù nínú àpò gbèsè á tán pátápátá. Bí àdéhùn yín bá ní kí gbogbo àsansílẹ̀ kọ́kọ́ bo ìpín àkọ́kọ́, ìyẹn máa yí iye tí wọ́n jẹ yín padà, kò ní yí ọjà títà padà rárá.

Àṣìṣe kan tún wà tó máa ń sá pamọ́. Àwọn kan kì í ṣí àpò gbèsè. Wọ́n á kàn kọ owó náà sí orúkọ oníbàárà nínú ìwé àwọn tó jẹ wọ́n, á sì di iye tó wà ní ìsàlẹ̀ òdo. Bí àwọn oníbàárà mìíràn bá jẹ yín ₦800,000, àròpọ̀ á wá sọ pé àwọn onígbèsè yín jẹ́ ìyọkúrò ₦1,900,000. Ẹni tó bá wo ìwé yẹn kò ní rí ₦800,000 tó yẹ kí ẹ máa lépa, kò sì ní rí dẹ́sìkì 120 tí ẹ jẹ ilé-ìwé. Bí ẹ bá rí àmì ìyọkúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oníbàárà ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, ẹ kó o lọ sí abẹ́ gbèsè.

Ohun méjì ni mi ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán pinnu fún yín. Àkọ́kọ́ ni owó orí ọjà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin rẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀ lórí ọjọ́ tó yẹ kí a san án, ó sì lè má bá ọjọ́ tí ọjà títà wọ ìwé yín mu. Ẹ mú ínfọ́ìsì yín lọ bá ẹni tó mọ owó orí, kí ẹ sì yọ owó orí náà kúrò kí ẹ tó ṣe ìṣirò òkè yìí bí ó bá wà nínú iye tí wọ́n san. Èkejì, tí ohun tí ẹ ń ṣe bá jẹ́ èyí tí kò sí ẹlòmíràn tí ẹ lè tà á fún, tí àdéhùn sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe àti èrè rẹ̀ bí wọ́n bá tilẹ̀ fagi lé e, ọjà títà lè máa wọlé díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Dẹ́sìkì tí ilé-ìwé mìíràn ní Àjàṣẹ́-Ìpo lè rà lọ́wọ́ yín lọ́la kì í ṣe irú rẹ̀.

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti sanwó tí kò tíì gba ọjà, pẹ̀lú iye tó kù lọ́wọ́ yín nínú owó kálukú. Kí àròpọ̀ rẹ̀ bá iye inú àpò gbèsè mu dé kọ́bọ̀. Bí kò bá mu, bóyá ọjà kan jáde tí ẹnikẹ́ni kò kọ, tàbí kí ẹnìkan tún ti kọ owó àsansílẹ̀ sí ọjà títà. Ìwé ìgbàwọlé ọjà tó ní ìfọwọ́sí ni ẹ ó fi mọ èwo ni.