Ohun tó ya bísíkíìtì sọ́tọ̀ sí gàrí, àti ìdí tí a fi ń jẹ ẹ́ kọjá yíyó

"Ẹ jọ̀wọ́, kí ló ń sọ oúnjẹ di èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́tírà-púrósẹ́ẹ̀sì? Gàrí tí à ń rin, tí à ń fún, tí à ń yan, ṣé òun náà wà nínú rẹ̀ ni? Kí sì ló dé tí mo lè jẹ odidi páálí bísíkíìtì tán kí n sì tún máa wá oúnjẹ?"

Gàrí kò sí nínú rẹ̀, bó ti wù kí wàhálà orí rẹ̀ pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tí ń ta ìpápánu nìkan la lè rí oúnjẹ rà lọ́wọ́ rẹ̀ lóru. Nígbà tí dókítà sọ fún mi pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ń súnmọ́ ti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn gbogbo ọ̀rá oúnjẹ tí mo bá rà, mo sì wá ìwádìí tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Carlos Monteiro ti Yunifásítì São Paulo ní Bùràsíìlì ló dá a lábàá ní ọdún 2009 pé kí a má ṣe máa fi ọ̀rá àti ṣúgà nìkan díwọ̀n oúnjẹ, kí a máa wo ohun tí wọ́n ṣe sí i àti ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Nígbà tó yá, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pín oúnjẹ sí ìsọ̀rí mẹ́rin. Èkíní ni ohun oko tí a lè ti gbẹ, lọ̀, sè tàbí kí a jẹ́ kó kan, ibẹ̀ sì ni gàrí àti ògì wà. Èkejì ni ohun tí a fi ń se oúnjẹ, bí epo, iyọ̀ àti ṣúgà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a fi èkejì po èkíní, bí ẹja inú agolo. Ẹ̀kẹrin ni ẹ ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbàdo wò ó. Tí a bá rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, tí a sì jẹ́ kó kan, àgbàdo náà ṣì ni, bí eèrí rẹ̀ tilẹ̀ ti kúrò. Ilé iṣẹ́ ńlá a máa tú u palẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á yọ ìtáàṣì inú rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á sọ ọ́ di omi gúlúkóòsì tàbí ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní maltodẹ́sítíríìnì, wọ́n á fa òróró rẹ̀ yọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá to àwọn èròjà wọ̀nyí pọ̀ mọ́ ti ẹ̀wà sóyà àti ti wàrà, pẹ̀lú atasánsán, àwọ̀, àti èròjà tí kì í jẹ́ kí omi àti òróró yapa. Oúnjẹ tí wọ́n bá tò pọ̀ báyìí ni ìsọ̀rí kẹrin.

Ẹ gbé páálí bísíkíìtì oníkírímù kan, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ìyẹ̀fun, ṣúgà, epo ọ̀pẹ àti iyọ̀ tí ẹ máa rí níbẹ̀ wà ní ilé ìdáná gbogbo wa. Ó ṣeé ṣe kí ẹ tún rí omi gúlúkóòsì, ìyẹ̀fun omi wàrà, lẹ́sítíìnì sóyà àti atasánsán. Àwọn tí ẹ kì í bá nínú ìkòkò ẹnikẹ́ni yìí ni àmì. N kò sọ pé lẹ́sítíìnì ló ń mú yín jẹun jù o. Ohun tó ń fi hàn ni irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí oúnjẹ náà. Nítorí náà, búrẹ́dì tí alábúrẹ́dì fi ìyẹ̀fun, omi, iyọ̀ àti yíìsì ṣe kò sí nínú ìsọ̀rí kẹrin, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n po irú àwọn èròjà bẹ́ẹ̀ mọ́ kí ó lè rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ wà níbẹ̀.

Ní ti àjẹjù, ìwádìí tó là mí lójú jù ni èyí tí Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé ìwòsàn ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní Bethesda, tó jáde ní ọdún 2019. Wọ́n gba èèyàn 20 sílé ìwòsàn náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ oúnjẹ ìsọ̀rí kẹrin, ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ oúnjẹ tí wọ́n sè láti inú ohun oko. Kálórì, ọ̀rá, ṣúgà, iyọ̀ àti fáíbà tí wọ́n gbé síwájú wọn dọ́gba níhà méjèèjì, wọ́n sì ní kí kálukú jẹ ìwọ̀n tó bá wù ú. Ní ọ̀sẹ̀ oúnjẹ ilé iṣẹ́, kálórì tí wọ́n ń jẹ lójúmọ́ fi nǹkan bí 500 lé sí ti oúnjẹ oko. Wọ́n fi nǹkan bí 0.9 kílógíráàmù sanra ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ìwọ̀n yẹn gan-an ni wọ́n sì fi fúyẹ́ ní ọ̀sẹ̀ oúnjẹ oko.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé adùn ló fà á, àmọ́ nígbà tí wọ́n bi àwọn èèyàn náà, bí wọ́n ṣe gbádùn méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Ohun tó yàtọ̀ ni ìyára wọn: oúnjẹ ilé iṣẹ́ rọ̀, kò gba jíjẹ lẹ́nu, nítorí náà kálórì tí wọ́n ń gbé mì ní ìṣẹ́jú kan pọ̀ ju ti oúnjẹ oko lọ dáadáa. Ara kì í sì í tètè mọ̀ pé òun ti yó. Tí ẹ bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ jẹ páálí bísíkíìtì kan tán, ẹ ti parí rẹ̀ kí ìfun tó ránṣẹ́ sí ọpọlọ.

Ohun kejì ni pé omi inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Bísíkíìtì tó wọn 100 gíráàmù ní nǹkan bí 480 kálórì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà sísè tó wọn bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 130. Kí ẹ tó rí kálórì bísíkíìtì yẹn nínú ẹ̀wà, àwo ẹ̀wà náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin, ikùn á sì ti kún. Ní Bethesda pàápàá, inú ohun mímu ni wọ́n ti ní láti po fáíbà kí tọ̀túntòsì lè dọ́gba, torí pé oúnjẹ ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ní in tó.

Nítorí èyí ni n kò ṣe fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ẹni tó ń jẹ oúnjẹ ìbílẹ̀ kò lè jẹun jù. Ẹ̀bà kì í gba jíjẹ lẹ́nu, ó rọrùn láti gbé òkèlè mì ní kánmọ́, ẹni tó bá bù ú tó òkè yóò sì sanra. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ, ẹja àti ẹran tó ń gba eyín ló ń dín ìyára náà kù.

Ìwádìí ti ọdún 2019 náà ní ààlà tirẹ̀: èèyàn kò pọ̀ nínú rẹ̀, àkókò rẹ̀ kúrú, ẹlòmíràn ló sì ń dáná fún wọn. Oúnjẹ oko náà tún wọ́n jù: fún 2,000 kálórì lójúmọ́, nǹkan bí 151 dọ́là ni èròjà rẹ̀ lọ́sẹ̀, nígbà tí ti oúnjẹ ilé iṣẹ́ jẹ́ 106 dọ́là. Ní ọdún 2025, àwọn oníwádìí ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Lọ́ńdọ̀nù gbé èsì tiwọn jáde, níbi tí wọ́n ti ní kí èèyàn 55 fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ jẹ oríṣi oúnjẹ méjèèjì, tí wọ́n sì rí i dájú pé méjèèjì bá ìlànà ìlera ìjọba mu. Ìwọ̀n àwọn èèyàn náà dín kù níhà méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tó dín kù pẹ̀lú oúnjẹ oko fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Èyí fi hàn pé oúnjẹ ilé iṣẹ́ kò dọ́gba láàárín ara wọn.

Ní tèmi, ẹ̀pà bíbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti mọ́ínmọ́ín ni mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́, nítorí pé mo lè jẹ wọ́n ní tútù láàárín iṣẹ́. Mo ṣì ń ra búrẹ́dì alálìkámà inú ọ̀rá, bí èròjà ìsọ̀rí kẹrin tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, torí pé ó ní fáíbà, ó sì ń gba jíjẹ lẹ́nu. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bísíkíìtì ni mo pa tì pátápátá, nítorí àwọn ni ọwọ́ mi ń tètè padà sí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ wọ́n tán.