Ìbéèrè kan, kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan
Mo fẹ́ bá kánsẹ́lọ̀ wa sọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ nípàdé àdúgbò ní Bẹẹrẹ, báwo ni mo ṣe máa lo ìbéèrè àti ìdákẹ́?

Ìbéèrè kan péré ti tó, kó jẹ́ èyí tí gbogbo ìjókòó ti mọ èsì ẹ̀. Gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo sókè kó o ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ta ló rí omi pọn lẹ́nu ẹ̀rọ láàárọ̀ yìí?" Wá panu mọ́. Ka ení dé ẹẹ́rin nínú, má wo pépà, kánsẹ́lọ̀ ni kó o tẹjú mọ́, ó máa ṣe ẹ́ bíi pé ó ti pẹ́ jù, irọ́ ni. Tí wọ́n bá ń pariwo "kò sí!", jẹ́ kó rọlẹ̀ kó o tó ní kí kánsẹ́lọ̀ bá wa pààrọ̀ páìpù tó bẹ́, kó sì dá ọjọ́. Àmọ́ má bi í pé "ṣé ẹ tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni?", ó máa gba máìkì fèsì, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ nìyẹn.