Kùkúńbà kọ́kọ́, adìẹ lẹ́yìn

"Pátákó ìgé-nǹkan kan ṣoṣo ni mo ní. Tí mo bá gé adìẹ tútù lórí rẹ̀, tí mo fi omi ṣàn án, ṣé mo lè gé kùkúńbà lé e?"

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rá adìẹ máa ń lẹ̀ mọ́ pátákó tòun ti kòkòrò sàmónẹ́là, omi lásán kì í ká a. Iná á pa ti inú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kùkúńbà ò ní dórí iná.

Èmi máa ń gé kùkúńbà àti tòmátò tán, màá dé wọn, kí n tó fọwọ́ kan adìẹ. Lẹ́yìn náà ni màá fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ pátákó àti ọ̀bẹ, títí dé ibi tí irin ti wọ inú èèkù, màá sì gbé pátákó nàró kó gbẹ. Ìṣẹ́jú-àáyá 20 ni kí ẹ fi fọ ọwọ́, pẹ̀lú abẹ́ èékánná. Ẹ fọ ẹ̀rọ omi tí ẹ fi ọwọ́ adìẹ ṣí náà (ibẹ̀ ni mo máa ń gbàgbé).

Tí ọ̀bẹ bá ti gbẹ́ pátákó débi pé èékánná ń há sínú rẹ̀, ẹ jù ú nù, kí ẹ ra òmíràn.