Nọ́ńbà inú mátíríìsì yí padà, iye áígẹ̀n rẹ̀ ò yí

"Ẹ jọ̀ọ́, tí a bá pààrọ̀ bésíìsì, gbogbo nọ́ńbà inú mátíríìsì ló ń yí. Kí ló wá dé tí iye áígẹ̀n, tíréèsì àti dítámínáńtì kì í yí? Mo ti há fọ́múlà sórí, kò yé mi."

Ẹ fi fọ́múlà sílẹ̀ ná, kí ẹ tẹ̀ lé fẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ló ti wá yé èmi náà, lẹ́yìn tí mo ti ń há a sórí tipẹ́. Ẹ mú àwọn wọ̀nyí:

```
A = 4 1    P = 1 1    P⁻¹ = 1 -1
    2 3        0 1          0  1
```

Àwọn òpó P ni bésíìsì tuntun: (1,0) àti (1,1). Ẹ fi A sọ (1,1) di púpọ̀, ó di (5,5). A nà án ní ìlọ́po 5, kò yí ojú rẹ̀ síbòmíràn; 5 yìí ni iye áígẹ̀n. Nínú bésíìsì tuntun, fẹ́kítọ̀ yìí gan-an là ń kọ ní (0,1), torí òun ni ìkejì níbẹ̀. Ẹ wá ṣírò B = P⁻¹AP:

```
B = 2 0
    2 5
```

Ẹ fi B sọ (0,1) di púpọ̀, ó di (0,5). Ìlọ́po 5 yẹn náà ni! Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí fẹ́kítọ̀ ò yí, bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ló yí.

Bó ṣe rí fún gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Tí Av = λv, nígbà náà

```
B(P⁻¹v) = P⁻¹A(PP⁻¹)v = P⁻¹Av = λ(P⁻¹v)
```

P àti P⁻¹ pàdé láàárín, wọ́n pa ara wọn rẹ́. P⁻¹v ò sì lè di òdo tí v kì í bá ṣe òdo. Ẹ lè gba ọ̀nà kan náà padà láti B sí A, nítorí náà kò sí iye tó sọnù, kò sí èyí tó wọlé.

Dítámínáńtì ò le: det(P⁻¹) jẹ́ 1/det(P), méjèèjì pa ara wọn rẹ́, 10 dúró ní 10. Tíréèsì ló gba sùúrù, torí tíréèsì XY kì í ṣe tíréèsì X ní ìlọ́po tíréèsì Y. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni tr(XY) = tr(YX). Ẹ pe P⁻¹ ní X, kí ẹ pe AP ní Y. Tí ẹ bá pààrọ̀ ipò wọn, APP⁻¹ ló kù, ìyẹn A. 4+3 jẹ́ 7, 2+5 náà jẹ́ 7.

Nínú iṣẹ́ àwọn tí mò ń kọ́, mo máa ń rí i tí wọ́n fi Pᵀ sí ipò P⁻¹. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, èyí lẹ máa rí:

```
4  5
6 10
```

Dítámínáńtì rẹ̀ ṣì jẹ́ 10, torí det(P) jẹ́ 1, àmọ́ tíréèsì ti di 14. Ẹni tó yẹ dítámínáńtì nìkan wò ò ní mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ máa yẹ méjèèjì wò.

Ẹ má sì yí ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Mátíríìsì méjì yìí ní iye áígẹ̀n, tíréèsì àti dítámínáńtì kan náà:

```
1 1    1 0
0 1    0 1
```

Síbẹ̀ wọn ò bára tan. Ẹ pe ìkejì ní I: P yòówù kí ẹ mú, P⁻¹IP á ṣì jẹ́ I, kò lè di ti àkọ́kọ́ láéláé.