Mílíọ̀nù ogún ni ilé àwa méjèèjì, kí ló dé tí owó Láńdì Yúùsì tèmi fi ju tirẹ̀ lọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, èmi àti àwọn ọmọ mi là ń gbé inú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Ìgbógbó, Ìkòròdú. Ayálégbé ló wà níbẹ̀ kí a tó kó wọ̀ ọ́. Nótíìsì Láńdì Yúùsì, owó orí ilé tí ìjọba Èkó ń gbà lọ́wọ́ onílé, dé: wọ́n ní ilé náà tó mílíọ̀nù 20 náírà, wọ́n yọ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, wọ́n ní kí n san ₦15,840. Mílíọ̀nù 20 náà ni wọ́n pe ilé aládùúgbò mi, ₦4,728 ló san. Ṣé kí n lọ sọ fún wọn pé iye tí wọ́n pe ilé mi ti pọ̀ jù?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má fọwọ́ kan iye ilé. Bí ẹ bá torí ẹ̀ lọ, wọ́n lè wá tún un wọ̀n, kí ó sì tún gasókè sí i. Ibòmíràn ni àṣìṣe wà, nótíìsì ọwọ́ yín gan-an ló sì máa sọ ọ́.

Ẹ yọ mílíọ̀nù 8 kúrò nínú 20, ó ku 12. Ìdá 40 tí ìjọba Èkó fi ń dẹ̀ ẹ́ fún gbogbo onílé nìyẹn, ara iye ilé ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́ kí wọ́n tó fi réètì lé e. Wàyí o, ẹ pín ₦15,840 sọ́nà 12. Ẹ ó rí ₦1,320 lórí mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 0.132%. Ẹ pín ti aládùúgbò yín bákan náà: ₦394 ni, ìyẹn 0.0394%. Nínú òfin ọdún 2020, réètì ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé ni 0.0394%. Ilé tí onílé àti ayálégbé jọ ń gbé ni wọ́n ń gba 0.132% lórí rẹ̀. Nínú ìwé ìjọba, àwọn ayálégbé bàbá yín ṣì wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá pín tiyín tí ẹ rí ₦760, réètì ọdún 2018 tí aráàlú pariwo lé lórí nìyẹn, òfin 2020 ti dín in kù. Mo ṣì máa ń rí àwọn ajẹ́ńtì tó ń fi í ṣírò fún èèyàn.

Nítorí pé ẹ bi mí léèrè nípa iye ilé, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣírò gbogbo rẹ̀:

```
LUC = M x [(LA x LR) + (BA x BR x PCR)]
```

LUC ni owó Láńdì Yúùsì tí ẹ máa san. LA ni fífẹ̀ ilẹ̀, LR ni iye mítà onígun mẹ́rin kan ilẹ̀ ládùúgbò yín. BA ni fífẹ̀ ilé tí ẹ kọ́, tí àjà bá wà, wọ́n ń kà á mọ́ ọn. BR ni iye mítà kan ilé àárín ládùúgbò náà. PCR ló ń gbé e sókè tàbí sílẹ̀, bóyá ilé yín dáa ju ti àdúgbò lọ, tàbí kò tó o, tàbí kò tíì parí. M ni réètì tí à ń sọ bọ̀; ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti yọ ìdá 40 kúrò nínú àpapọ̀ iye ilẹ̀ àti ilé ni wọ́n ń fi í lé e.

Ẹ jẹ́ ká fi iye àfiṣàpẹẹrẹ ṣe é. Ilẹ̀ 600 mítà, ₦20,000 mítà kan, mílíọ̀nù 12. Ilé 160 mítà, ₦100,000 mítà kan, mílíọ̀nù 16, PCR 0.5 sọ ọ́ di 8. Àpapọ̀, 20. Ká ní wọ́n ṣì ilé wọ̀n, tí wọ́n kọ 260 mítà dípò 160. Mílíọ̀nù 8 á di 13, àpapọ̀ á di 25, lẹ́yìn ẹ̀dínwó á ku 15, ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀ á san ₦5,910. Ọgọ́rùn-ún mítà gbáko, ₦1,182 péré ló fi lé e. Ọ̀rọ̀ ta ló ń gbé inú ilé nìkan ló fi ₦11,112 lé tiyín.

Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì Láńdì Yúùsì, kí nọ́ḿbà ilé tó wà lórí nótíìsì hàn nínú rẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ̀yin ajogún lẹ ń gbé ibẹ̀, ẹ so ẹ̀dà nótíìsì mọ́ ọn, ìwé tó fi hàn pé ogún yín ni, àti bíìlì iná tó jẹ́ orúkọ yín. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ lóńtẹ̀. Ẹ má dúró de ìgbà tí ọjọ́ tó wà lórí nótíìsì á kọjá: bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́ ni ìtanràn ń gorí owó.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá ti fi yàrá kan sílẹ̀ fún ayálégbé, tàbí tí ṣọ́ọ̀bù kan wà níwájú ilé, ẹ sọ ọ́ nínú lẹ́tà náà. Wọ́n máa rán èèyàn wá wo ilé, réètì ilé ìṣòwò sì ni 0.394%, ìyẹn ₦3,940 lórí mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan.