Ìtumọ̀ 9600 8N1, àti ohun tó ń sọ lẹ́tà di wúruwùru

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, àṣà ọ̀gá wa ni láti kọ 9600 8N1 sára gbogbo pátákó tó ní UART. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Kí ló sì dé tí mo fi 9600 sí kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ pé wúruwùru ni mo ń rí?

Ìdáhùn: Àdéhùn ni ọ̀gá yín ń kọ sílẹ̀. Láàárín TX tó ń ránṣẹ́ àti RX tó ń gbà á, kò sí wáyà kankan tó ń gbé aago, nítorí náà aago ara rẹ̀ ni oníkálukú fi ń ka àkókò. 9600 ni iye bíìtì tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí à ń pè ní bọ́ọ̀dì. 8 ni iye bíìtì tó gbé lẹ́tà, N ni pé kò sí bíìtì àyẹ̀wò, 1 sì ni bíìtì òpin kan ṣoṣo.

A kì í kọ bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé kò sí ìgbà tí kì í sí níbẹ̀. Bí iṣẹ́ kò bá sí, wáyà a máa wà ní 1. Bó bá ti já sí 0, ẹni tó ń gbà á yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà, yóò sì máa wo wáyà ní àárín bíìtì kọ̀ọ̀kan títí dé bíìtì òpin, tó gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé àárín bíìtì òpin jẹ́ bíìtì mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. Bí ìyàtọ̀ aago méjèèjì bá ti lé ní nǹkan bí ìdá 5 nínú 100, bíìtì mìíràn ni yóò kà níbẹ̀. Ní tèmi, n kò ní jẹ́ kó ju ìdá 2 lọ.

Ní ti yín, ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí ni pé ètò orí pátákó gbà pé aago rẹ̀ jẹ́ 16 MHz, nígbà tó jẹ́ 8 MHz ní ti gidi. Ètò náà ní kí ó máa sọ̀rọ̀ ní 9600, ṣùgbọ́n 4800 ló ń jáde. Ẹ wo lẹ́tà U:

```
4800 (TX): 0 1 0 1 0 1 0 1 0 1
9600 (RX): 0 0 1 1 0 0 1 1 0 0
```

Bíìtì kọ̀ọ̀kan gùn débi tí kọ̀ǹpútà fi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà f ló rí gbà, 0 ló sì bá níbi tí bíìtì òpin yẹ kó wà. Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà ní 4800: bí ọ̀rọ̀ bá hàn kedere, ẹ tún èyí ṣe nínú ètò:

```
#define F_CPU 8000000UL
```

Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà ń tọ̀nà nígbà mìíràn, tó tún ń bàjẹ́ nígbà mìíràn, ìyàtọ̀ kékeré ni, ó sì sábà máa ń wá láti inú aago inú ṣíìpù fúnra rẹ̀. Ti ATmega328P lè fi ìdá 10 nínú 100 yẹ̀ bó ṣe ń ti ilé-iṣẹ́ jáde, ooru sì tún ń yí i, pàápàá bí pátákó bá wà lábẹ́ páànù lọ́sàn-án. Irú èyí kò ṣeé fi 4800 tún ṣe. Kírísítà ni kí ẹ so mọ́ ọn.